Olè Tí Kò Mọ Orúkọ Yín

Bí ẹ bá bi oníṣòwò kékeré pé báwo ló ṣe ń dáàbò bo ìkànnì tó ti ń tajà lórí ayélujára, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ wá jí lọ́dọ̀ èmi tí mò ń ta aṣọ?" Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ́gbọ́n wá bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló jókòó síbì kan, tó ń yan ẹni tí òun fẹ́ jà lólè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ ló ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìkànnì kéékèèké. Tọ̀sán-tòru ló ń lọ láti orí ìkànnì kan sí òmíràn, tó ń wò ó bóyá ó lè wọlé. Kò mọ ohun tí ẹ ń tà, kò sì mọ̀ bóyá Ṣàgámù lẹ wà tàbí Salvador. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ìkànnì tó ní ihò kan tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò tíì dí i.

Bó bá wọlé, kì í ṣe aṣọ yín ló fẹ́ kó. Ó lè fẹ́ lo sẹ́fà yín láti fi ímeèlì ẹ̀tàn ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ó lè gbé ojú-ewé báńkì ayédèrú pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ìkànnì yín. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ó fẹ́ jẹ nínú orúkọ rere tí ìkànnì yín ti ní lọ́dọ̀ Google, kó lè máa darí àwọn oníbàárà yín lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́ àti àwọn tó ń ta oògùn tí kò ní ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú WordPress, nítorí òun ló wà lábẹ́ ìkànnì tó ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́wàá láyé, òun náà sì ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣòwò wa fẹ́ràn jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Marc-Alexandre Montpas, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Sucuri, rí ihò kan nínú ẹ̀yà 4.7 àti 4.7.1. Ẹnikẹ́ni lè gba ihò yìí yí ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ewé ìkànnì padà láìní pásíwọ́ọ̀dù rárá. Àwọn tó ń bójú tó WordPress dí i nínú ẹ̀yà 4.7.2, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí wọ́n dí. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni wọ́n tó lahùn, kí ọ̀pọ̀ ìkànnì lè ti gba àtúnṣe náà sára kí àwọn olè tó gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sígbà náà, ojú-ewé tí wọ́n bàjẹ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìkànnì àwọn tó ti gba ọ́pídéètì náà kò ní nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìkéde ọ́pídéètì kì í ṣe ìròyìn fún ẹ̀yin nìkan. Olè náà ń kà á. Ó ń fi ẹ̀yà tuntun wé ti àtijọ́, ó ń wo ibi tí wọ́n tún ṣe, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ ibi tí ihò wà lára àwọn tí kò tíì tún tiwọn ṣe. Ẹni tó bá ní òun ṣì ń bọ̀ wá ṣe é lópin oṣù ti fún un láyè tó pọ̀ jù.

Láti ìgbà ẹ̀yà 3.7, lọ́dún 2013, ni WordPress ti ń gba àwọn ọ́pídéètì ààbò kéékèèké fúnra rẹ̀, bí ẹni tó kọ́ ìkànnì kò bá pa á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ara pílọ́gíìnì, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ àfikún tí a ń so mọ́ ọn kó lè gba owó, kó ṣàfihàn àwòrán tàbí kó gba ìwé ìbéèrè. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó kọ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà ẹ̀yà 5.5, ni WordPress tó fi bọ́tìnnì sí i pé kí pílọ́gíìnì máa gba ọ́pídéètì fúnra rẹ̀, pípa ni wọ́n sì fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa tàn án. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Plugins sí nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ Enable auto-updates níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ́pídéètì lè ba ìkànnì jẹ́, òótọ́ sì ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìkànnì tí ọ́pídéètì bàjẹ́ máa ń hàn lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì fi bákápù ọjọ́ tó ṣáájú dá a padà. Èyí tí olè wọ̀ lè pẹ́ kó tó hàn.

Kò tó kí ẹ máa gba ọ́pídéètì nìkan, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àtúnṣe máa ń ṣáájú olè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 kan náà, ihò kan hàn nínú pílọ́gíìnì tí wọ́n ń pè ní File Manager, tó wà lórí ìkànnì tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ gbé fáìlì tó bá wù ú sórí sẹ́fà onísẹ́fà. Àwọn olè ti ń lò ó kí àtúnṣe tó jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó sí i kò tiẹ̀ nílò pílọ́gíìnì náà: wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan láti gbé fáìlì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò bá lò, ẹ yọ ọ́ dànù. Kí ẹ kàn tẹ Deactivate kò tó, nítorí fáìlì rẹ̀ ṣì wà lórí sẹ́fà, olè sì lè pè é tààrà. Delete ni kí ẹ tẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó gbogbo èyí pọ̀. Ó pè mí lórí fóònù lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọmọ mi, oníbàárà mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní òun tẹ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé òun lọ sílé tẹ́tẹ́. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, mi ò rí nǹkan kan o. Àbí ẹni náà kò ríran dáadáa ni?"

"Ó ríran, mà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń sọ òótọ́."

Ohun tó fà á nìyí. Kóòdù tí olè fi sínú ìkànnì náà máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí àlejò ti wá. Bó bá jẹ́ orí Google ló ti rí ṣọ́ọ̀bù náà, yóò darí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó tẹ orúkọ ìkànnì náà tààrà, tàbí ẹni tó ti fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé sí dáṣíbọ́ọ̀dù rí, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló máa gbọ́ kẹ́yìn, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè pẹ́ níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ tiyín wò, ẹ gba fóònù ẹni tí kò wọ dáṣíbọ́ọ̀dù yín rí, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lórí Google, kí ẹ sì tẹ ohun tó bá gbé wá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ `site:` sínú Google, kí ẹ fi orúkọ ìkànnì yín tẹ̀ lé e láìfi àyè sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú-ewé yín tí Google mọ̀ ló máa kó sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èdè àwọn ará Japan níbẹ̀, tàbí ojú-ewé bàtà olówó ńlá tí ẹ kò tà rí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nígbà tí mo wọ sẹ́fà rẹ̀, fódà àwòrán ni mo kọ́kọ́ lọ. Lórí WordPress, `wp-content/uploads` ni àwòrán ọjà ń gbé. Àwòrán àti ìwé nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, kò yẹ kí kóòdù kankan wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló ń fi èyí hàn:

```
find wp-content/uploads -name "*.php"
```

Bó bá mú fáìlì jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn pílọ́gíìnì kan máa ń fi `index.php` òfìfo síbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn kò léwu. Èyí tí mo rí kì í ṣe òfìfo. Wọ́n fún un ní orúkọ tó jọ ti àwòrán, déètì ara rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Mo wo Users nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo bá Administrator kejì tí ìyá náà kò mọ̀ rí. Pílọ́gíìnì tó ń yí àwòrán po lójú-ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n ń tà á lọ́jà, ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́ ìkànnì náà kò rà á. Ó lọ wá èyí tí wọ́n ti já níbì kan tí wọ́n ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n já kì í gba ọ́pídéètì, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tó máa hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo máa ń sọ fún àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n lo pílọ́gíìnì tó kéré tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ látọ̀dọ̀ WordPress.org ju kí wọ́n lo aláràbarà tí wọ́n jí lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń pín wọn ló ti fi ẹnu-ọ̀nà olè sínú wọn kó tó pín wọn.

Bákápù ló kàn tí mo béèrè. Ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì náà sílé ń ṣe é lójoojúmọ́, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ mọ. Ẹ fi ọjọ́ méje wé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: gbogbo ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ni olè ti wà nínú rẹ̀. Bí a bá dá èyíkéyìí padà, a tún gbé olè náà padà wọlé ni. Ọmọ tó kọ́ ìkànnì ní ẹ̀dà kan lórí dírà rẹ̀ látọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ọ́dà tó ti wọlé láti ìgbà náà, orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni pé ìkànnì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Fáìlì wà, dátábéèsì sì wà. Inú fáìlì ni kóòdù àti àwòrán ń gbé, inú dátábéèsì ni ọ́dà, iye owó ọjà àti orúkọ oníbàárà ń gbé. Kóòdù kò ṣòroó rí, nítorí tuntun rẹ̀ wà lórí WordPress.org fún gbogbo ayé. A pa gbogbo kóòdù àtijọ́ rẹ́, a gbé tuntun wá, a mú àwòrán nìkan kúrò nínú fódà uploads, a sì wá inú dátábéèsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi yọ Administrator àjèjì náà àti ìlà méjì tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀. Mo wá yí àwọn kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ tó wà nínú `wp-config.php` padà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti `AUTH_KEY`. Bí a bá ti yí wọn, gbogbo ẹni tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, títí kan olè, máa jábọ́ síta. Lẹ́yìn ìyẹn la tó yí pásíwọ́ọ̀dù. Bí a bá yí pásíwọ́ọ̀dù nígbà tí kóòdù olè ṣì wà nílẹ̀, asán ni, nítorí yóò tún rí tuntun náà.

Òfin tún wà nídìí rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìwífún aráàlú. Bí ìwífún oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì ṣeé ṣe kó ṣe wọ́n ní ìpalára, láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fi tó àjọ NDPC létí. Òfin náà kò yọ ṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀ lórí èyí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí bákápù ni pé ojú kan náà tí ìkànnì wà ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sẹ́fà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Ilé kan jóná pátápátá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ní bákápù, tí wọ́n tiẹ̀ san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà kan náà ni bákápù wọn wà, iná kò sì yà á sọ́tọ̀. Àwọn tó ní eré kọ̀ǹpútà Rust sọ sẹ́fà márùndínlọ́gbọ̀n nù níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè rí ohun tó wà lórí wọn mọ́.

Ìlànà kan wà tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ nígbà tó ń kọ àwọn ayàwòrán bí wọ́n ṣe lè tọ́jú iṣẹ́ wọn: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níta. Fún ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìkànnì fúnra rẹ̀, ẹ̀dà kan lórí Google Drive tàbí irú rẹ̀, àti ẹ̀dà kan lórí dírà tó wà nílé. Pílọ́gíìnì bíi UpdraftPlus lè máa gbé ẹ̀dà lọ sórí Drive fúnra rẹ̀ ní òru. Ọ̀pọ̀ ń sá fún un nítorí owó déétà, ṣùgbọ́n láti sẹ́fà sí Google ló ń lọ tààrà, kò gba orí fóònù yín kọjá, kò sì fọwọ́ kan déétà yín. Èyí tí ẹ máa gbé wá sórí dírà nílé ló máa jẹ déétà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù sì ti tó fún ìyẹn. Ẹ má sì fo ti dírà nítorí pé ti Drive ti wà. Ìkànnì tó lè gbé fáìlì sórí Drive ní kọ́kọ́rọ́ Drive náà lọ́wọ́, ẹni tó bá gba ìkànnì náà lè lò ó láti pa ẹ̀dà yín rẹ́.

Ní ti iye ìgbà, ẹ bi ara yín pé ọ́dà ọjọ́ mélòó lẹ lè fara dà bó bá sọnù. Dátábéèsì ṣọ́ọ̀bù kékeré kì í tóbi, ẹ lè ṣe tirẹ̀ lójoojúmọ́. Àwòrán ló wúwo, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó fún un. Ẹ tọ́jú wọn pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ. Tèmi ni kí a ní ti ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí a sì fi ẹ̀dà kan oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ìrú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti Ìtòkú má bàa bá wa.

Bákápù tí a kò dá padà wò rí, mi ò kà á kún. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, níbi tí àwọn akọ̀wé kóòdù ti ń tọ́jú iṣẹ́ wọn, pa fódà dátábéèsì rẹ́ lórí sẹ́fà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Wọ́n sáré lọ sídìí bákápù. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò. Ètò tó yẹ kó máa da dátábéèsì sílẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń kùnà láti ìgbà pípẹ́ nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ kò bá ti dátábéèsì mu, ímeèlì tó sì yẹ kó fi tó wọn létí pé ó ń kùnà kò wọlé. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan kàn ṣèèṣì ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ìwọ̀nyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí o!

Ìdánwò kékeré kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi `mysqldump` da dátábéèsì sínú fáìlì, ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn rẹ̀:

```
tail -n 1 bakapu.sql
```

Bí ó bá parí dáadáa, ẹ ó rí `-- Dump completed on` pẹ̀lú déètì. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó já lágbede méjì, bóyá nítorí pé àyè tán lórí sẹ́fà. Ìdánwò gidi ni kí ẹ gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà tàbí ìkànnì ẹ̀gbẹ́ kan tí Google kò rí, kí ẹ dá a padà, kí ẹ wá ọ́dà tó wọlé kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kí ẹ ṣí àwòrán ọjà díẹ̀, kí ẹ sì fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣiṣẹ́, ẹ ní bákápù. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún ti tó.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù, ẹnu-ọ̀nà WordPress nìkan ni ọ̀pọ̀ ń wò, mẹ́rin sì ni wọ́n. Ẹnu-ọ̀nà WordPress wà, ti ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé wà, ti ibi tí ẹ ti ra orúkọ ìkànnì wà, ímeèlì yín sì wà. Ímeèlì ni olórí gbogbo wọn, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yòókù máa ń fi ìlànà ránṣẹ́ sí bí ẹnì kan bá ní òun gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wádìí ohun kan lónìí: orúkọ àti ímeèlì ta ni wọ́n fi ra orúkọ ìkànnì yín? Lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọ tó kọ́ ìkànnì ló sábà máa ń rà á, ímeèlì tirẹ̀ ló sì fi sí i. Kì í ṣe pé ó ní èrò ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sí Kánádà, tí kò wo ímeèlì àtijọ́ náà mọ́, ìkìlọ̀ pé owó ọdún yìí ti tó san ò ní kàn yín lára, orúkọ tí ẹ fi odidi ọdún gbé lárugẹ á sì bọ́ sọ́jà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rà á. Ẹ ní kó gbé e sí orúkọ yín nígbà tí ẹ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ètò tó ń dán pásíwọ́ọ̀dù wò kì í méfò lásán. Ó ní àkójọ àwọn pásíwọ́ọ̀dù tó ti jo síta láti orí ìkànnì mìíràn, ó sì ń gbé wọn wò pẹ̀lú ímeèlì tí wọ́n jọ jáde. Ìdí nìyí tí lílo pásíwọ́ọ̀dù kan náà níbi méjì fi burú ju pásíwọ́ọ̀dù tó rọrùn lọ. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, kò sọ pé kí a máa yí pásíwọ́ọ̀dù lóṣooṣù mọ́, nítorí ènìyàn á kàn fi 1, 2, 3 kún ti àtijọ́ ni. Gígùn ló ṣe kókó. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, tí ẹ kọ pọ̀ láìfi àmì sí i, ó le ju `Adire@2024` lọ dáadáa.

Ẹ wá fi ìpele kejì kún un. Áàpù bíi Google Authenticator máa ń fún yín ní nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n ọgbọ̀n, kò sì nílò déétà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ṣe é. Ó sàn ju èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, nítorí líìnì fóònù ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n lè lọ ṣe síìmù tuntun pẹ̀lú orúkọ yín, líìnì tí ẹ sì pa tì ni ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń tún tà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹ bá ń ṣètò rẹ̀, wọ́n á fún yín ní àwọn nọ́ńbà ìgbàpadà. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fi í síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, tí kò sì lè wọ ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé kò fi wọ́n pamọ́. Ọmọ tó ń bá yín kó ọjà sórí ìkànnì kò nílò Administrator. Shop Manager tó fún un, kó sì ní orúkọ tirẹ̀, kó lè rọrùn láti yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá kúrò.

SSL ló kù, òun sì ni wọ́n ń ṣì lóye jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ọ̀rọ̀ tó wà láàárín fóònù oníbàárà àti sẹ́fà yín ní àdìpọ̀, kí ẹni tó jókòó sáàárín, bóyá lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì, má lè kà á, kó má sì lè yí i padà. Ó tún ń jẹ́rìí pé sẹ́fà tó ń dáhùn ló ni orúkọ tí oníbàárà tẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Kò lè dá olè tó gba inú pílọ́gíìnì dúró, kò sì sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó ń tajà. Ìkànnì Ìtòkú ní SSL ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Àwọn ayédèrú báńkì náà ní in. Nítorí pé àwọn ènìyàn rò pé àgádágodo inú búráúsà túmọ̀ sí "ẹ fọkàn balẹ̀" ni Chrome ṣe yọ àmì náà kúrò lọ́dún 2023.

Síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ wà láìní in. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ `Not secure` sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìkànnì tí kò bá ní in, oníbàárà tó bá rí èyí nígbà tó fẹ́ sanwó á padà sẹ́yìn. Mi ò rí ìdí tí ṣọ́ọ̀bù kékeré fi máa sanwó fún un. Láti ìparí ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń di ọ̀rọ̀ pọ̀ bí èyí tí wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìkànnì sílé ló ti fi AutoSSL tàbí irú rẹ̀ sínú cPanel, ẹ máa kàn tàn án ni.

Ibi tó ti ń fa wàhálà ni ọjọ́ tó ń parí. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni sátífíkéètì Let's Encrypt ń lò, ó sì yẹ kó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun kó tó parí. Bí ẹ bá ti gbé ìkànnì lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tàbí tí ẹ yí ibi tí orúkọ ìkànnì yín ń tọ́ka sí padà, ìsọdọ̀tun lè máa kùnà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kódà Microsoft gbàgbé: ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2020, Teams dákú fún wákàtí mélòó kan nítorí pé sátífíkéètì kan ti parí. Tẹ́lẹ̀, Let's Encrypt máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ọjọ́ ti ń tó, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Àwọn tó ń ra sátífíkéètì ọlọ́dún kan náà ò ní bọ́ níbẹ̀. Àwọn onísátífíkéètì àti àwọn oníbúráúsà ti fohùn ṣọ̀kan pé láti oṣù kẹta ọdún 2026, kò sí tuntun tó gbọdọ̀ lò ju igba ọjọ́ lọ, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láti ọdún 2027, ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta láti ọdún 2029. Ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún á rí i pé iṣẹ́ náà ti di ti oṣooṣù.

Bí oníbàárà bá fi àwòrán ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` túmọ̀ sí pé ọjọ́ sátífíkéètì ti kọjá, tàbí kẹ̀ pé déètì fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí bátìrì bá ti kú pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọjọ́ wo ni fóònù rẹ̀ ń fi hàn. `NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID` túmọ̀ sí pé sátífíkéètì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tó tẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ṣe é fún orúkọ tó ní `www` níwájú, wọ́n gbàgbé èyí tí kò ní in. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé pé kí wọ́n ṣe é fún méjèèjì, kí ẹ sì fi fóònù mìíràn tẹ ọ̀nà méjèèjì wò kí ẹ tó ní kí oníbàárà padà wá.